Irunmú Tó Jókòó Dáadáa Lókè Ètè

Ẹni tó bá ná bébà náírà kan tí ìjọba gbé jáde lọ́dún 1979 ti rí irunmú Herbert Macaulay. Ó nípọn, ó gbalẹ̀ kọjá igun ẹnu lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kò sì sí ẹni tó máa wo àwòrán náà tí kò ní kọ́kọ́ rí i. Irunmú bẹ́ẹ̀ dára fún ẹni tó ráyè tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń dá irunmú sí lónìí kò fẹ́ èyí tí yóò ṣáájú wọn wọlé. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni irun tó jókòó jẹ́ẹ́ sókè ètè, tó kún níwọ̀nba, tí etí rẹ̀ mọ́, tí kò sì bo ẹnu.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n á gé ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wo dígí, yóò ṣì wúwo lójú wọn. Wọ́n á tún gé e, yóò ṣì wúwo. Ìgbà tí wọ́n bá fi máa mọ̀, ó ti ku tín-ín-rín lábẹ́ imú, ohun tó kù náà sì tún nípọn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ń mú un wúwo

Irun tó hù sábẹ́ ihò imú ń ṣubú lé èyí tó hù sáàárín, tàárín ń ṣubú lé èyí tó hù sẹ́bàá ètè, bí bẹẹrẹ tí àwọn àgbà fi ń bolé ṣe ń gun ara wọn láti òkè dé etí òrùlé. Bí ó bá fi máa dé ìsàlẹ̀, irun orí irun ló ti wà níbẹ̀. Etí ètè yìí ló máa ń nípọn jù lọ, etí ètè yìí náà sì ni ojú ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀ máa ń wà. Ẹni tó bá mú àlùmọ́gàjí, tó gé ìsàlẹ̀ nìkan, ti dín gígùn rẹ̀ kù, kò tíì fọwọ́ kan ìnípọn rẹ̀. Ohun tó máa rí nínú dígí ni etí kan tó dúró gbọnin, tó yọ síta, tí òjìji rẹ̀ sì bọ́ sórí ètè.

Irun tó ká, irú èyí tó wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wa, tún ń fi tirẹ̀ kún un. Kì í sùn ti ara. Bó ṣe ń gùn sí i ló ń ká sókè, tó sì ń gbéra kúrò lára, tó fi jẹ́ pé bí a bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ó máa ń yọ síwájú gan-an nígbà mìíràn. Ẹni tó ní irú irun bẹ́ẹ̀ lè máa rò pé irunmú òun kò tíì gùn, nítorí pé kò tíì bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ti rí i pé ó ti di ìdì.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dín ìnípọn kù lórí gbogbo irunmú kí ẹ tó fọwọ́ kan etí ètè. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é lódìkejì, títí kan àwọn onígbàjámọ̀ tó mọṣẹ́ orí gígẹ̀ dunjú.

Ibi tó yẹ kó parí sí

Àwọn ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ sínú ìwé òfin ìmúra wọn tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ AR 670-1. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé irunmú ọmọ ogun kò gbọdọ̀ bo ìlà ètè òkè, kò gbọdọ̀ kọjá ìlà tí a bá fà gbọọrọ sókè láti igun ẹnu, kò gbọdọ̀ rí wúruwùru, kò sì gbọdọ̀ rí bí èyí tí wọ́n kàn gé bù. Kò sẹ́ni tó ní kí gbogbo wa máa múra bí ológun. Àwọn ológun gan-an kò fẹnu kò lórí irunmú: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan wà tí kò gba ọmọ ogun láyè láti fá ètè òkè rẹ̀ títí di oṣù kẹwàá ọdún 1916, nígbà tí Ọ̀gágun Nevil Macready fọwọ́ sí àṣẹ tó fagi lé e. Ìtàn sọ pé òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn tirẹ̀, ó sì lọ fá a dànù lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, òfin Amẹ́ríkà yẹn wúlò fún ẹni tó dúró síwájú dígí, nítorí pé ó sọ ibi tí ọwọ́ ti yẹ kó dúró.

Nísàlẹ̀, ètè fúnra rẹ̀ ni ààlà. Bí ẹ bá wo ètè òkè dáadáa, ẹ óò rí i pé ibi tí àwọ̀ ara ti yí padà sí àwọ̀ ètè yọ sókè díẹ̀, ó sì ní ìrísí tirẹ̀: ó tẹ̀ sísàlẹ̀ láàárín, ó gbé sókè díẹ̀ lápá méjèèjì, ó wá rọra sọ̀kalẹ̀ lọ sí igun ẹnu. Ibẹ̀ ni kí irun parí sí, tàbí kí ó fi nǹkan bíi mìlímítà kan dín kó tó dé ibẹ̀. Kí ó tẹ̀ lé ìrísí ètè bó ṣe tẹ̀. Ẹni tó bá gé e gbọọrọ bí ẹni fi rúlà fàlà, ó máa bo ètè níbì kan, ó sì máa jìnnà sí i níbòmíràn.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́, igun ẹnu ni ààlà. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ sinmi ojú, kí ẹ wo ibi tí ètè méjèèjì ti pàdé. Irun tó bá kọjá ibẹ̀ ń fa ẹnu sísàlẹ̀, ó sì ń mú kí ojú rí bíi ti ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn. Bí irunmú yín bá so mọ́ irùngbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbẹ́ kò kàn yín. Kí ẹ kàn rí i pé ibi tó so pọ̀ yẹn kò nípọn ju irunmú lọ.

Òkè ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Irun tó wà lábẹ́ imú máa ń fẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀ bó ṣe ń súnmọ́ ihò imú, ọwọ́ kankan kò lè ṣe é kó dára tó bẹ́ẹ̀. Irun inú ihò imú tó bá ń yọ wá dara pọ̀ mọ́ irunmú nìkan ni kí ẹ gé, pẹ̀lú àlùmọ́gàjí tí ẹnu rẹ̀ kò mú ṣóńṣó. Ẹ má fà á tu.

Ohun èlò

Wọn kò pọ̀: kílípà pẹ̀lú àwọn ìbòrí rẹ̀ oníke, kóòmù kékeré eléyín wẹ́wẹ́, àlùmọ́gàjí kékeré tó mú, àti dígí tí ìmọ́lẹ̀ ń wá sí láti iwájú. Dígí tó wà lẹ́bàá fèrèsé lọ́wọ́ òwúrọ̀ dára ju gílóòbù tó wà lókè orí lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ń bọ̀ láti òkè yóò jẹ́ kí òjìji imú bọ́ sórí irunmú, ẹ óò sì máa gé òjìji. Àlùmọ́gàjí tí wọ́n fi ń gé bébà tàbí ọ̀rá nílé ìdáná kò ní gé irun yìí, á kàn máa fà á ni.

Ìbòrí kílípà ni àwọn onígbàjámọ̀ ń pè ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà wan máa ń ṣẹ́ irun kù sí nǹkan bíi mìlímítà 3, nọ́ńbà tú sí 6, nọ́ńbà tírì sí nǹkan bíi 10. Ẹnu kílípà tí kò ní ìbòrí kankan ni sírò. Kí ẹ tó tan kílípà, ẹ fi ọwọ́ mi ìbòrí náà wò bóyá ó di mọ́ ọn dáadáa. Ìbòrí tó bọ́ lójijì lẹ́nu iṣẹ́ ti sọ irunmú ọ̀pọ̀ ọkùnrin di ohun tí wọ́n ní láti fá tán ní alẹ́ tó ṣáájú òde.

Kí irun gbẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Irun tó rin máa ń nà, á gùn ju bó ṣe yẹ lọ, á sì sùn sílẹ̀. Bí ẹ bá gé e bẹ́ẹ̀ kó bá etí ètè dọ́gba, bó bá gbẹ tán, tó sì ká padà, yóò ti gòkè kúrò níbi tí ẹ fẹ́ kó wà. Ẹni tí irun rẹ̀ ká gan-an ni èyí ń ṣe jù. Ẹ fọ ojú tẹ́lẹ̀, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká rẹ́ ti ọkùnrin kan

Ká ní ọkùnrin kan gé irunmú rẹ̀ ní nọ́ńbà wan, kò sì tún fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Irun ojú máa ń gùn tó nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́ta mìlímítà lójúmọ́, tàbí kó fi díẹ̀ lé. Láàárín ọjọ́ 35, ó ti fi nǹkan bíi mìlímítà 12 kún mìlímítà 3 tó wà níbẹ̀. Irun náà ti di mìlímítà 15 bí a bá nà án. Ká sì ní àárín ìdí imú rẹ̀ sí etí ètè jẹ́ mìlímítà 16.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Irun tó hù sábẹ́ imú gan-an ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ètè bí a bá yà á sílẹ̀. Irun tó hù sáàárín kọjá ètè dáadáa. Irun tó hù sẹ́bàá ètè ń rọ̀ sórí ẹnu, ó sì ń bọ́ sínú ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo irunmú rẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀, ló fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó ń dé ibì kan náà. Bó bá fi àlùmọ́gàjí gé e níbẹ̀, gbogbo ìpele yẹn ló máa parí sí ojú kan. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń wúwo lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e tán.

Ní báyìí, kó kọ́kọ́ fi kóòmù ya irun náà sísàlẹ̀, láti kòtò àárín tó wà lábẹ́ imú lọ sí igun ẹnu lápá ọ̀tún, kó ṣe bákan náà lápá òsì. Kó fi nọ́ńbà tírì sẹ́nu kílípà, kó sì gbá a láti òkè wá sísàlẹ̀, bí irun ṣe sùn. Kó má gbá a láti ìsàlẹ̀ lọ sókè rárá. Kílípà tó bá lòdì sí bí irun ṣe hù máa ń kó irun sẹ́nu ju bí a ṣe rò lọ, á sì gé e kúrú ju nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kó tún ya irun náà, kó wò ó láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Ó ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Kó wá lo nọ́ńbà tú ní ọ̀nà kan náà.

Irun ti di mìlímítà 6. Irun tó hù sókè mìlímítà 6 sí ètè kò lè dé ètè mọ́. Ìpele tó wà nísàlẹ̀ nìkan ló ṣì ń dé ibẹ̀, ohun tó ń rọ̀ sórí ẹnu kò sì ju ìlàjì ohun tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìsinsìnyí ni àlùmọ́gàjí tó kàn. Bó bá gé etí náà bá ètè dọ́gba, irun tó hù sẹ́bàá ètè gan-an yóò kúrú jọjọ, èyí tó hù sókè rẹ̀ díẹ̀ á gùn díẹ̀, èyí tó wà lókè pátápátá á gùn ní mìlímítà 6. Ó ń fẹ́lẹ́ bọ̀ wá sí etí fúnra rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n mìíràn nínú ọ̀rọ̀ irunmú tí kò wúwo ju èyí lọ.

Ọwọ́ tí yóò fi gé etí náà gba sùúrù. Kó pa ẹnu dé láìfún un pọ̀. Kó má rẹ́rìn-ín, kó má sì fa ètè òkè bo eyín kí ara ibẹ̀ lè nà. Ètè tó bá nà máa ń padà sípò, irun tó gé bá a dọ́gba á sì gòkè. Kó bẹ̀rẹ̀ láti àárín, lábẹ́ kòtò yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú fi ń mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Orí àlùmọ́gàjí nìkan ni kó lò, kó sì máa gé irun díẹ̀díẹ̀. Kó ṣe ìwọ̀nba lápá ọ̀tún, kó ṣe ìwọ̀nba lápá òsì, kó tún padà sí ọ̀tún. Ẹni tó bá parí apá kan kó tó bẹ̀rẹ̀ èkejì kì í rí wọn mú dọ́gba.

Bí etí náà bá ṣì yọ síta díẹ̀, kó fi kóòmù gbé irun ibẹ̀ sókè kúrò lára, kó gé kìkì ohun tó bá yọ láàárín eyín kóòmù. Kó tún ya á sísàlẹ̀, kó wò ó. Bí àwọ̀ ara bá ti ń hàn fìrífìrí lábẹ́ irun níbi tí kò ti yẹ kó hàn, kó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. Kó yọ orí ahọ́n, kó fi kan etí ètè òkè. Bí ahọ́n bá pàdé irun, ìwọ̀nba kan ṣì wà tó rọ̀. Kó sọ̀rọ̀ níwájú dígí, kó pe "ọmọ," kó pe "ilé," kó rẹ́rìn-ín. Ètè máa ń yí padà bí a bá ń sọ̀rọ̀, irun kan tó fara pa mọ́ nígbà tí ẹnu wà ní pípa dé lè yọ jáde. Kó sì tún wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì lẹ́yìn tó bá fọjú, nítorí pé irun tó ká máa ń gbéra lóru.

Bí apá kan bá kúrú ju èkejì lọ ńkọ́? Ó sàn kó fi í sílẹ̀. Mìlímítà kan kò ju nǹkan bíi ọjọ́ mẹ́ta lọ, kò sì sí ẹni tó dúró jìnnà ní ìwọ̀n apá kan tó máa rí i. Ẹni tó bá ń lé ọ̀tún kó bá òsì, tó tún ń lé òsì kó bá ọ̀tún, abẹ́ imú ló máa bá ara rẹ̀ pẹ̀lú ègé irun kan bíi ti Charlie Chaplin, tó sì jẹ́ pé ti Chaplin gan-an, lílẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lójú fún eré.

Lọ́wọ́ onígbàjámọ̀

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í gé irunmú fúnra wọn. Orí ni wọ́n bá lọ, irunmú á sì tẹ̀ lé e, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Onígbàjámọ̀ á ṣe ohun tó mọ́ ọn lára, ohun tó sì mọ́ ọ̀pọ̀ wọn lára ni kí wọ́n fi sírò tàbí abẹ fa láìnì sókè ètè àti sábẹ́ imú. Ó máa ń dán lójú ẹsẹ̀. Ẹ ní láti sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó tó tan kílípà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fa láìnì sí irunmú yìí?"

"Rárá o, àbúrò mi, má fa láìnì sí i. Fi nọ́ńbà tú gbá a látòkè wá sísàlẹ̀, kó o wá fi àlùmọ́gàjí bá mi rẹ́ etí rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n kàn fi sírò tọ́ ètè yẹn, á mọ́ dáadáa."

"Ètè náà ti tọ́ fúnra rẹ̀. Ṣáà fi àlùmọ́gàjí ṣe é."

Mo dúró lórí ọ̀rọ̀ láìnì yìí nítorí pé òun ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Láìnì tí a bá fà sókè ètè máa ń fi àlàfo ara sílẹ̀ láàárín ètè àti irun. Lọ́jọ́ kejì, irun kúkúrú á ti máa yọ nínú àlàfo náà, ìlà dúdú á sì hàn sábẹ́ ìlà irunmú, ó di pé ẹ ní méjì. Bí ẹ bá padà lọ, onígbàjámọ̀ yóò tún fa láìnì míràn, kì í sì í bọ́ sójú ti tẹ́lẹ̀ gan-an. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gòkè. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, irunmú ti di okùn.

Ìyọnu mìíràn tún wà nínú rẹ̀ fún ẹni tí irun rẹ̀ ká. Irun tí abẹ tàbí sírò gé mọ́ ara pátápátá máa ń ní orí ṣóńṣó. Bó ṣe ń hù, ó lè tẹ̀ padà, kó gún ara wọlé, ibẹ̀ á wú, á di kókó, á sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Ọrùn àti abẹ́ àgbọ̀n ni kókó yìí wọ́pọ̀ sí jù, ètè òkè kì í sábà fara gbá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń rí i lọ́rùn kò yẹ kó máa fi ètè rẹ̀ dán an wò. Irun tí ìbòrí kílípà bá fi sílẹ̀ ní mìlímítà mélòó kan kò ní orí tó lè tètè gún ara wọlé.

Ẹ̀jẹ̀ àti ẹnu kílípà

Ìbòrí kílípà kì í jẹ́ kí irin kan ara. Sírò àti abẹ ló ń kan ara, àwọn ló sì lè ha á, kódà kí ẹ má rí ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní mẹ́dọ̀wú irú B lè wà láàyè lórí irin tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí fún ọjọ́ 7, ó kéré tán. Ìyẹn ni pé kílípà tó ha ẹnìkan lọ́jọ́ Ẹtì lè ṣì gbé e wá bá ẹlòmíràn lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà fún àrùn yìí, ẹni tí kò bá tíì gbà á lè béèrè rẹ̀ nílé ìwòsàn.

Iná ìṣáná tí àwọn kan máa ń tàn sí ẹnu kílípà fún ìṣẹ́jú àáyá kan kò tó nǹkan. Irun àti ọ̀rá tó ti há sáàárín eyín irin náà kò gbóná tó, wọ́n sì ń bo ohun tó wà lábẹ́ wọn. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn irun kúrò, kí wọ́n wá fi spírítì tó pọ̀ nu ún dáadáa, kí irin náà wà ní rínrin fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kó sì gbẹ fúnra rẹ̀. Abẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kí wọ́n tú u lójú yín. Ẹni tó bá lágbára kó ra kílípà tirẹ̀, kó máa gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe báyìí. Kó máa kán òróró kílípà bíi ẹ̀kán méjì sẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, nítorí pé ẹnu tó gbẹ máa ń fa irun, èyí tó bá sì ń fa irun ló ń ha ara.

Spírítì tí wọ́n ń pa sójú lẹ́yìn iṣẹ́ kò pọn dandan bí ara kò bá bó. Omi tútù tó. Bí irunmú bá gbẹ, ẹ yọ́ òrí tí kò ju orí ìka lọ láàárín ọwọ́, kí ẹ fi pa á. Á sùn sílẹ̀, kò sì ní dà bíi pé ẹ fi ọ̀rá kùn ún.

Bí ẹ bá ń fi dáì pa á

Dáì dúdú máa ń mú irunmú wúwo ju bó ṣe wà lọ, nítorí pé irun funfun tó wà láàárín dúdú ló ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pa á kó gé e kúrú díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú dáì dúdú ló sì ní èròjà kan tí wọ́n ń kọ sára páálí rẹ̀ ní PPD, tí ara àwọn kan kò gbà rárá. Ètè lè wú, kí ojú wú, kí ara máa yún, kó sì bó. Ẹ fi díẹ̀ sẹ́yìn etí tàbí sínú ìgbọ̀nwọ́ ní wákàtí 48 ṣáájú, kí ẹ wò ó bóyá ara yóò fèsì. Ẹni tí ara rẹ̀ ti fèsì sí i lẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ tún lò ó, ìgbà kejì lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Eéwo abẹ́ imú

Ní nǹkan bíi ẹnìkan nínú èèyàn mẹ́ta, kòkòrò kan tó ń fa eéwo máa ń gbé inú ihò imú láìṣe ẹni náà ní nǹkan kan. Ọgbẹ́ kékeré lórí ètè òkè, tàbí irun kan tí a fà tu nínú imú, ni ọ̀nà tó ń gbà wọlé. Bí irorẹ́ tàbí eéwo bá yọ nínú irunmú lẹ́yìn tí ẹ gé e, ẹ má fún un, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u, ẹ má sì jẹ́ kí onígbàjámọ̀ bá yín tú u. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà láti igun ẹnu méjèèjì dé ìdí imú lókè so mọ́ èyí tó wà lẹ́yìn ojú lábẹ́ ọpọlọ. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò tí a bá fún wọ inú lè gba ibẹ̀ lọ.

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e fún nǹkan bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí ẹ má sì fi kílípà tàbí abẹ kan ibẹ̀ títí yóò fi san. Bí wíwú náà bá ń tàn lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí sí ìpéǹpéjú, bí ibà bá dé, bí orí bá ń fọ́ gan-an, tàbí bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rí nǹkan ní méjì-méjì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ sọ fún dókítà pé orí ètè òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ gé irunmú.